Líìfù Òṣìṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Tó Kù fún Ẹnì Kọ̀ọ̀kan

Ní ọjọ́ Ajé, 14 oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọlidé ni ọjọ́ kejì rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, láti bu ọlá ìkẹyìn fún ààrẹ àná, Muhammadu Buhari, tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù lánàá ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun mọ́, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wà nínú líìfù láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ńkọ́? Kò yẹ kí wọ́n yọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn nínú líìfù rẹ̀, nítorí pé bó tilẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé ni ì bá jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Ibẹ̀ ni ìwé líìfù ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kéékèèké ní Sùúrùlérè, Yábà àti Muṣin ti máa ń ṣìnà. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá fọwọ́ sí líìfù, akọ̀wé á kọ “ọjọ́ 10” sínú ìwé, ó parí. Bí ọlidé bá wá já lé wọn lórí lẹ́yìn náà, 10 tí wọ́n kọ kò ní yí padà, àyàfi bí òṣìṣẹ́ náà bá rántí, tó sì ní ìgboyà láti lọ sọ ọ́. Ẹni tó bá ń tijú ọ̀gá á pàdánù ọjọ́ kan. Ẹni tó bá lẹ́nu á gba tirẹ̀ padà. Ìwé líìfù tó dára kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tọ́ èèyàn sọ́wọ́ ìgboyà rẹ̀.

Orí yìí fi bí a ṣe lè ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí Excel tàbí Google Sheets hàn, fún ọ́fíìsì tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju ogójì tàbí àádọ́ta lọ. Ohun kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ iye ọjọ́ tó kù. Ohun tí a ń tẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ líìfù àti ọjọ́ tó parí rẹ̀, àti ọjọ́ tí ìjọba kéde ọlidé. Iye tó kù, fọ́múlà ló ń bá wa ṣírò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lẹ́yìn, iye náà á yí padà fúnra rẹ̀.

Ṣíìtì mẹ́ta péré ló tó. A pe àkọ́kọ́ ní Osise, èkejì ní Olide, ẹ̀kẹta ní Liifu. A kò fi àmì sórí orúkọ wọn, kí títẹ̀ wọn nínú fọ́múlà lè rọrùn.

Ṣíìtì Olide ló yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé òun ló le jù ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2025, iṣẹ́ dúró fún ọlidé ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 14. Mẹ́fà nínú wọn kò ní ọjọ́ tí wọ́n ń sún sí: ọjọ́ kìíní ọdún, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ní 12 oṣù Kẹfà, ọjọ́ òmìnira ní 1 oṣù Kẹwàá, Kérésìmesì àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Àjíǹde ń sún, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: 18 àti 21 oṣù Kẹrin ló bọ́ sí lọ́dún náà. Márùn-ún jẹ́ ti àwọn Mùsùlùmí, tí a kò lè fi gbogbo ẹnu sọ títí di ìgbà tí oṣù bá lé tí ìjọba sì kéde: 31 oṣù Kẹta àti 1 oṣù Kẹrin fún ìtúnu ààwẹ̀, 6 àti 9 oṣù Kẹfà fún iléyá, 5 oṣù Kẹsàn-án fún ọjọ́ ìbí Ànábì. Ẹyọ kan tó kù ni 15 oṣù Keje, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, kí òpó A nínú Olide jẹ́ ọjọ́, kí B jẹ́ orúkọ ọlidé, kí C sì jẹ́ “a ti kéde” tàbí “a ń retí”. Ní oṣù Kìíní, a lè kọ ọjọ́ tí a rò pé iléyá máa bọ́ sí, kí àwọn èèyàn lè fi ṣètò líìfù wọn, ṣùgbọ́n C á máa rán wa létí pé ó ṣì lè sún. Bí ìkéde bá jáde láti ọ́fíìsì mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé, a tún ọjọ́ náà ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ọlidé tí kì í sún bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, kí a má ṣe sọ ọ́ sí ọjọ́ Ajé fúnra wa, kí a dúró gbọ́ ìkéde. Ní ọdún 2023, ọjọ́ òmìnira bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ìjọba sì fi ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹwàá, dípò rẹ̀.

Èkó tún ní tirẹ̀. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ fi ọjọ́ Ajé, 21 oṣù Kẹjọ, sílẹ̀ fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọlidé àpapọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló kàn gan-an, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lè tì, òmíràn lè ṣí. Ìbéèrè tí akọ̀wé gbọ́dọ̀ bi ọ̀gá ni pé, ṣé a máa tìlẹ̀kùn lọ́jọ́ náà? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ Olide. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò wọ̀ ọ́, kódà bí gbogbo àdúgbò bá tì.

Ọ̀fìn kan wà níbí tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn láìmọ̀. Bí a bá ṣí Google Sheets tuntun, tí ètò rẹ̀ sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, oṣù ló máa kà ṣáájú ọjọ́. Ẹni tó bá tẹ 12/6/2025, tó ní 12 oṣù Kẹfà lọ́kàn, 6 oṣù Kejìlá ni kọ̀ǹpútà gbọ́. Kò ní pariwo, kò ní fi àmì àṣìṣe kankan hàn. Ẹni tó bá wà nínú líìfù ní 12 oṣù Kẹfà á kàn pàdánù ọjọ́ kan. Ẹni tó bá tẹ 15/7/2025 ní tirẹ̀, kọ̀ǹpútà á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, nítorí pé kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, a sì lè dá a mọ̀ torí pé apá òsì àpótí ni ó máa fara tì, nígbà tí ọjọ́ gidi ń fara ti apá ọ̀tún. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú File, lẹ́yìn náà Settings, níbi tí a ti lè yí Locale sí orílẹ̀-èdè tó ń ka ọjọ́ ṣáájú oṣù, bí i United Kingdom. Àyẹ̀wò rẹ̀ sì rọrùn: ní òpó D, a kọ fọ́múlà yìí, a fà á dé ìsàlẹ̀.

```
=TEXT(A2,"dddd")
```

Orúkọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ ló máa gbé jáde. Bí ó bá kọ Saturday síwájú ọlidé 12 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, a mọ̀ pé a ti ṣì í tẹ̀.

Ó kan ṣíìtì Osise. Ìlà kan fún ẹnì kan: A ni nọ́ńbà òṣìṣẹ́, B ni iṣẹ́ rẹ̀, C ni ọjọ́ tí wọ́n gbà á, D ni iye ọjọ́ líìfù rẹ̀ lọ́dún, E ni irú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, F ni àṣẹ́kù èṣí tí a gbà kó gbé wọ ọdún tuntun. Òpó G dé J, fọ́múlà ló ni wọ́n. Àpótí L1 la ń tẹ ọjọ́ tí a fẹ́ ṣírò dé sí. Àwọn kan máa ń lo TODAY() níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fọwọ́ tẹ̀ dára jù, torí pé bí òṣìṣẹ́ bá bi wá ní oṣù Kẹsàn-án pé kí ló ní lọ́wọ́ ní oṣù Keje, a lè padà sẹ́yìn wò ó.

Òpó E yẹ ní àlàyé. Ọ́fíìsì tó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà ní Yábà lè máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ní Ládìípọ̀, Muṣin, kì í fi ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣeré. Nígbà mìíràn, irú méjèèjì ló wà nínú ilé-iṣẹ́ kan: akọ̀wé kì í wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn tó ń ta ọjà ń wá. Nínú fọ́múlà tí a máa lò, 1 túmọ̀ sí pé Àbámẹ́ta àti Àìkú ni ìsinmi, 11 sì túmọ̀ sí Àìkú nìkan. Àwọn ìwé kan ń kọ́ni láti tẹ 0000011 fún àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra fún un: bí àpótí náà kò bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á gé òdo tó ṣáájú dànù, á ku 11, 11 yìí sì ti di Àìkú nìkan. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta akọ̀wé á wá di ọjọ́ iṣẹ́, líìfù rẹ̀ á sì tètè tán.

Bí irú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ bá jẹ́ méjì, ó yẹ kí a tún òpó D wò. Ọjọ́ 18 jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gééré fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ tó bá fún àwọn méjèèjì ní 18 ti fún akọ̀wé ní ìsinmi ju ọlọ́jà lọ, ó sì lè má mọ̀.

Kí ni òfin wí? Abala 18 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé lẹ́yìn oṣù 12 tí òṣìṣẹ́ ti ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, ó ní ẹ̀tọ́ sí líìfù tó kéré tán jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ pé, ọjọ́ 12 fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 16. Ilẹ̀ àkọ́dúró nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin náà kò ka àwọn tó wà nípò ìṣàkóso àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ohun tó wà nínú ìwé ìgbàsíṣẹ́ wọn ló so wọ́n pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́. Fún àwọn tó kàn, òfin fàyè gbà kí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan láti sún líìfù síwájú, ṣùgbọ́n oṣù 24 ni ààlà rẹ̀. Ó sì kà á léèwọ̀ láti fi owó dípò líìfù yìí nígbà tí òṣìṣẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ní báyìí, ká mú àpẹẹrẹ kan tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ká sọ pé ọ́fíìsì kan wà ní ìtòsí Ojúẹlẹ́gba, tó fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 18 lọ́dún, tó gbà kí èèyàn gbé àṣẹ́kù èṣí wọ ọdún tuntun, àmọ́ kó má ju ọjọ́ 5 lọ, kí ó sì ti lò ó tán kí oṣù Kẹta tó parí. Nọ́ńbà akọ̀wé owó ibẹ̀ ni O02. Wọ́n gbà á ní 1 oṣù Kejì ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 1. Ní ọdún 2024, ó lo 10 nínú 18, ó ku 8, ṣùgbọ́n ọjọ́ 5 péré ló lè gbé wọ 2025. Ọjọ́ 3 lọ. Èyí kò ta ko òfin, torí pé ó ti lo ju mẹ́fà tí òfin fi dandan lé lọ.

Ọjọ́ líìfù máa ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, bí owó àjọ ṣe ń wọ káàdì alájọ. 18 tí a pín sí 12 jẹ́ ọjọ́ kan àti ààbọ̀ fún oṣù kan tó pé. Fọ́múlà rẹ̀ wà ní òpó G:

```
=D2/12*DATEDIF(MAX(C2,DATE(2025,1,1)),$L$1+1,"m")
```

DATEDIF ń ka iye oṣù tó pé láàárín ọjọ́ méjì. MAX ń rí i pé ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù Kìíní ọdún yìí, pé ẹni tuntun sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó wọlé. Ẹni tí wọ́n gbà ní 14 oṣù Kẹrin á ní oṣù 3 tó pé ní ìparí oṣù Keje, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin àti ààbọ̀. Kí ẹ má yọ +1 kúrò. Láìsí i, bí a bá tẹ 31 oṣù Keje sí L1, kọ̀ǹpútà á sọ pé oṣù 6 ló pé, torí pé lójú rẹ̀ oṣù Keje kò tíì kọjá. Bí ọjọ́ tó wà ní D kò bá ṣeé pín dọ́gba, bí i 20, a kò gbọ́dọ̀ sọ 20/12 di 1.67 kí a tó ṣírò, nítorí ní ìparí ọdún ó máa ju 20 lọ. Kí fọ́múlà pín in fúnra rẹ̀, kí a kàn dín nọ́ńbà tó ń hàn lójú kù.

Ṣíìtì Liifu ló ń gba ìṣẹ̀lẹ̀. A ni nọ́ńbà òṣìṣẹ́, B ni ọjọ́ àkọ́kọ́, C ni ọjọ́ ìkẹyìn, E ni irú líìfù. Líìfù tí ọ̀gá kò tíì fọwọ́ sí kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Ní E, a tẹ “odun” fún líìfù ọdọọdún, “aisan” fún ti àìsàn, “ibimo” fún ti ìbímọ, torí pé àìsàn àti ìbímọ kò gbọ́dọ̀ jẹ ọjọ́ tó wà fún ìsinmi. Òpó D ló ń ka ọjọ́:

```
=NETWORKDAYS.INTL(B2,C2,VLOOKUP(A2,Osise!$A$2:$E$60,5,FALSE),Olide!$A$2:$A$40)
```

Fọ́múlà yìí ń wá irú ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ ẹni náà ní Osise, ó ń ka ọjọ́ iṣẹ́ láàárín B àti C, ó sì ń yọ ọlidé kúrò. Ọlidé tó bá bọ́ sí ọjọ́ tí ẹni náà kì í ṣiṣẹ́ kò ní yọ lẹ́ẹ̀mejì.

O02 kọ́kọ́ gba líìfù láti 24 dé 27 oṣù Kẹta: ọjọ́ 4. Lẹ́yìn náà ó béèrè láti ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Keje, dé ọjọ́ Ẹtì, 18. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fọwọ́ sí i, òpó D sọ pé 10. Ní 14 oṣù Keje, akọ̀wé tẹ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e sínú Olide, 10 di 9 láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìlà O02. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òpó E rẹ̀ jẹ́ 11, tí ó lọ láti 7 dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19, á rí 12 tó di 11. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kẹfà ni ẹnì kan yàn, láti 2 dé 13, ọlidé mẹ́ta ló wà láàárín, ọ̀sẹ̀ méjì á sì jẹ́ ọjọ́ 7 péré.

Ó ku àṣẹ́kù èṣí, tó máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní òpó K nínú Osise, a tẹ ọjọ́ tí àṣẹ́kù ẹni náà máa kú, 31 oṣù Kẹta fún O02. Òpó H wá ń sọ èyí tó ṣì wúlò nínú rẹ̀:

```
=IF($L$1<=K2,F2,MIN(F2,SUMIFS(Liifu!D:D,Liifu!A:A,A2,Liifu!E:E,"odun",Liifu!C:C,"<="&K2)))
```

Kí ọjọ́ K tó kọjá, gbogbo àṣẹ́kù wà láàyè. Bó bá ti kọjá, kìkì èyí tí ó ti lò ṣáájú ọjọ́ náà la ó kà. O02 gbé 5 wọlé, ó lo 4, nítorí náà H rẹ̀ di 4, ọjọ́ kan kú. Ibì kan wà tí fọ́múlà yìí kò ríran dé: líìfù tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta tó sì parí ní oṣù Kẹrin. Kí a pín in sí ìlà méjì nínú Liifu, ọ̀kan dé 31 oṣù Kẹta, èkejì láti 1 oṣù Kẹrin.

Òpó I ń ṣe àròpọ̀ ohun tó ti lò dé ọjọ́ L1, J sì ni iye tó kù:

```
I2: =SUMIFS(Liifu!D:D,Liifu!A:A,A2,Liifu!E:E,"odun",Liifu!B:B,"<="&$L$1)
J2: =G2+H2-I2
```

Ká wo O02 ní ọjọ́ tó parí líìfù, 18 oṣù Keje. Oṣù 6 ló pé, ọjọ́ 9 ló wọlé. Àṣẹ́kù tó wúlò jẹ́ 4. Ohun tó lò jẹ́ 4 àti 9, ìyẹn 13. Ó ku òdo. Kí ọlidé Ìṣẹ́gun tó wọ ìwé, −1 ni J ń sọ, tí ó túmọ̀ sí pé ọ́fíìsì ti yá a ní ọjọ́ kan. Ní 31 oṣù Keje, oṣù keje pé, ó ní ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Bí a bá tẹ 31 oṣù Kejìlá sí L1, J á di 9: ohun tó máa ṣẹ́kù fún un nìyẹn bí kò bá lọ líìfù mìíràn. Iye méjèèjì yẹ kí òṣìṣẹ́ rí, torí ọ̀tọ̀ ni ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ọ̀tọ̀ ni ohun tó lè fi ṣètò ìrìn-àjò Kérésìmesì.

Kí ọ́fíìsì kọ iye tó lè yáni sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí i ọjọ́ 3. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí J rẹ̀ wà lábẹ́ òdo, ọ̀rọ̀ owó ló kù níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ẹni tó bá kúrò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó kéré tán, láìtíì pé oṣù 12, òfin ní kí wọ́n san ìpín owó ọ̀sẹ̀ kan fún un gẹ́gẹ́ bí àkókò tó lò. Ẹni tó lo oṣù 9 á gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ọ̀sẹ̀ kan.

Ìgbà tó yẹ kí a wo J dé ìparí ọdún ni oṣù Kẹsàn-án, kì í ṣe oṣù Kejìlá. O02 tó máa ní 9 lè gbé 5 péré wọ 2026, ọjọ́ 4 á ṣòfò bí kò bá lò ó, bí ẹni márùn-ún bá sì sáré béèrè líìfù lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kejìlá, ọ̀gá á kọ̀ fún àwọn kan. Ẹni tí ọ̀gá kọ̀ fún, tí ọjọ́ rẹ̀ tún wá kú, a ti rẹ́ ẹ jẹ nìyẹn. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kú rárá, kí wọ́n sún ọjọ́ K rẹ̀ síwájú.

Ní 31 oṣù Kejìlá, a ṣe ẹ̀dà fáìlì, a tì í kí ẹnikẹ́ni má yí i padà. Nínú ti ọdún tuntun, a yí 2025 inú fọ́múlà G àti inú ọjọ́ K sí 2026, a pa àwọn ìlà Liifu àti Olide rẹ́, a sì tẹ F fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti inú èsì yìí, tí a ti ṣírò nínú fáìlì àtijọ́ pẹ̀lú 31 oṣù Kejìlá ní L1 kí a tó tì í:

```
=MAX(0,MIN(J2,5))
```

Bí J ẹnì kan bá wà lábẹ́ òdo, ìlà yìí á fi òdo fún un, a gbọ́dọ̀ wá fi ọwọ́ tẹ gbèsè rẹ̀ sí F. Lẹ́yìn náà, a wá àwọn tí kò lo tó ọjọ́ mẹ́fà nínú líìfù ọdún náà. Fún ẹni tí kò lo ọjọ́ kankan, ààlà 5 yìí á gé ọ̀kan kúrò nínú ohun tí òfin fún un, nítorí náà 6 ló yẹ kí F rẹ̀ jẹ́, kí K rẹ̀ má sì jẹ́ 31 oṣù Kẹta bí i ti àwọn yòókù, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí oṣù 24 rẹ̀ máa pé. Ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ náà á fọwọ́ sí ìwé pé àwọn jọ gbà láti sún un, wọ́n á sì ti mú ọjọ́ tó máa lọ.